Ẹ Sún Àpótí Náà Díẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Átọ́mù Nínú Kírísítà

Mo fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Mo ya àpótí bàbà sára pátákó, ìyẹn àpótí kékeré tó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra nínú kírísítà bàbà, mo ní kí àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn sọ iye átọ́mù inú rẹ̀ fún mi. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní 14. Àwọn tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní 4 ni. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ní 14 fi ojú ara rẹ̀ kà á. Àwọn tó ní 4 ti há a sórí láti ilé.

Àpótí náà dọ́gba níhà gbogbo. Átọ́mù kan wà ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, igun 8 ló sì ní. Òmíràn wà láàárín ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú 6 ló ní. Òótọ́ ni, 14 ni ojú rí. Àmọ́ ẹ rántí òpó kékeré tí àwọn sọ́fíyọ̀ máa ń rì sí igun ilẹ̀. Ní ibi tí pùlọ́ọ̀tì mẹ́rin ti pàdé, òpó kan ṣoṣo ni. Bí onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní òpó mẹ́rin ni tòun, òpó tí wọ́n kà á di ìlọ́po mẹ́rin èyí tó wà nínú ilẹ̀. Nínú kírísítà, àpótí tún wà lókè àti nísàlẹ̀, nítorí náà àpótí mẹ́jọ ló ń pàdé ní igun kan.

Ibí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń fa tábìlì yọ: igun, ìdá kan nínú mẹ́jọ, ojú, ìdajì, inú, odidi. Tábìlì yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo ní lòdì sí i ni pé kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń já wọn kulẹ̀ níbi tí igun kò bá ti dọ́gba. (Àwọn olólùfẹ́ tábìlì pọ̀ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Mo rí ojú wọn.)

Ẹ gbàgbé ìdá. Ẹ di àpótí náà mú, kí ẹ sún un díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sókè, kí àwọn átọ́mù dúró síbi tí wọ́n wà. Ní báyìí, kò sí àárín átọ́mù kankan tó wà lórí ògiri mọ́: ó ti wọlé tàbí ó ti jáde. Ẹ wá ka àárín átọ́mù tó wà nínú. Nínú igun mẹ́jọ, méje ti bọ́ síta, ọ̀kan ló kù. Nínú ojú mẹ́fà, mẹ́ta bọ́ síta, mẹ́ta kù. Ọ̀kan àti mẹ́ta, mẹ́rin. A ò pín nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ bá ní ẹ ò gbà mí gbọ́, ẹ gbé bàbà sórí òṣùwọ̀n. Ìtànṣán X ti fi hàn pé gígùn ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ jẹ́ 0.3615 nánómítà. Sẹ̀ǹtímítà kúúbù kan bàbà wọn gíráàmù 8.96, gíráàmù 63.55 rẹ̀ sì ní átọ́mù 6.022 × 10²³ nínú, nítorí náà iye átọ́mù inú àpótí kan, n, jẹ́:

n = 8.96 × (3.615 × 10⁻⁸)³ × 6.022 × 10²³ / 63.55 = 4.01

Bó bá jẹ́ 14 ni, wáyà iná ilé yín ì bá wúwo ju ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe wà yìí lọ.

Ó wá ku ìdá àyè tí átọ́mù gbà nínú àpótí. Gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ wà nínú ìbéèrè kan: níbo ni wọ́n ti fara kan ara wọn? Nínú bàbà, àwọn tó wà ní igun kò kanra ní ẹ̀gbẹ́. Èyí tó wà láàárín ojú ló ń kan àwọn ti igun, nítorí náà ìlà tó gba orí ojú láti igun dé igun kejì jẹ́ 4r, bí r bá jẹ́ rédíọ̀sì átọ́mù, tí a sì jẹ́ gígùn ẹ̀gbẹ́ àpótí: a√2 = 4r. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò, bọ́ọ̀lù mẹ́rin lórí a³, ẹ ó rí π/(3√2), ìyẹn 0.74. Ẹni tó bá kọ a = 2r máa rí 2.09, átọ́mù tó ju àpótí tó gbé e lọ ní ìlọ́po méjì! Síbẹ̀ mo ti máàkì ìwé ìdánwò tí wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ irú ìdáhùn yẹn.

Mo fẹ́ bọ́ sórí irin nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan nawọ́: «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé kan sọ pé àpótí kírísítà onígun mẹ́fà ní átọ́mù 6, òmíràn sọ pé 2 ni. Èwo ni ká kọ?» Ìbéèrè yẹn ló gba ìyókù àsìkò wa.

Méjèèjì ni, nítorí àpótí wọn ò tóbi bákan náà. Ẹ wo bí àwọn olọ́sàn ṣe ń to ọsàn: ìpele kejì ń jókòó sínú kòtò ti ìpele kìíní. Bí ìpele kẹta bá padà wà ní ọ̀gangan ìkíní, onígun mẹ́fà nìyẹn. Bó bá bọ́ sí ọ̀gangan kẹta, ti bàbà ni. Ọ̀pá onígun mẹ́fà inú ìwé kìíní jẹ́ àpótí kéékèèké mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ wọn dagun, tí a so pọ̀. Ẹ sún ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké náà: átọ́mù 2 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́fà. Níbí, ẹni tó gbé ìdá kan nínú mẹ́jọ wá ti ṣìnà, nítorí àpótí mẹ́fà ló ń pín igun ọ̀pá ńlá náà.

Mo ní kó fi síǹkì dán an wò. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, a, jẹ́ 0.2665, gíga rẹ̀, c, jẹ́ 0.4947 nánómítà. Átọ́mù 6 nínú ọ̀pá ńlá fún wa ní gíráàmù 7.14 fún sẹ̀ǹtímítà kúúbù kan, ohun tí òṣùwọ̀n náà sọ nìyẹn. Átọ́mù 2 nínú àpótí kékeré mú 7.14 kan náà wá.

Ṣùgbọ́n síǹkì ní ẹjọ́ míì. Ìwé máa ń kọ 0.74 fún gbogbo onígun mẹ́fà. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ bí c/a bá jẹ́ 1.633, bí bọ́ọ̀lù líle ṣe máa tò. Magnẹ́síọ́mù súnmọ́ ọn, 1.624. Ti síǹkì jẹ́ 1.856: àwọn ìpele rẹ̀ jìnnà síra, wọn ò kanra, ìdá àyè tí bọ́ọ̀lù gbà sì bọ́ sí 0.65, ó kéré ju ti irin pàápàá. Bẹ́ẹ̀ bá gun òkè ilé, òdòdó tó ń dán lára páànù tuntun, kírísítà síǹkì ni. Ẹnì kan ní òun ò ní gun òkè ilé ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí, nítorí náà irin gba kíákíá. Igun mẹ́jọ, ọ̀kan ní àárín inú. Ẹ sún àpótí: 2. Ìlà tó gba inú àpótí kọjá ni wọ́n ti ń kanra, a√3 = 4r, ìdá náà 0.68. Ẹ ṣọ́ra: ẹni tó bá lo √2 ti bàbà síbí máa rí 0.37, ìdáhùn tí kò pariwo bíi 2.09. Ẹ wo ojú àpótí náà kẹ́ ẹ tó kọ √2. Kò sí átọ́mù ní àárín rẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ẹnu ọ̀nà: tí irin bá gbóná dé 912°C, tó sì di irú ti bàbà, ṣé kì í sún kì? Ó ń sún kì. Láti 0.68 sí 0.74, ẹ ó ṣírò pé ó yẹ kó fi nǹkan bí 8% dínkù. Nǹkan bí 1% ló ń dínkù. A ti gbé r kan náà sínú ìṣirò méjèèjì, átọ́mù kò sì gbà bẹ́ẹ̀: nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ 8, ó fà mọ́ wọn, nígbà tí wọ́n di 12, ó jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn díẹ̀.