Ṣé orúkọ ló bàjẹ́ ni, àbí iṣẹ́?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọlọ́jà àti oníléeṣẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n dáhùn lónìí ni pé bí orúkọ iléeṣẹ́ ẹni bá ti bàjẹ́ láàárín ìlú, ṣé kéèyàn yí i padà? Ìtàn ValuJet ni màá fi dáhùn.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ValuJet, ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ló fi ṣe ibùjókòó. Ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ́kú, ọkọ̀ àlòkù ló ń lò, ó sì ya ọkọ̀ kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín sára wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996, ọ̀kan nínú wọn gbéra ní Miami, iná sọ níbi ìkẹ́rù, ó já sínú àbàtà Everglades. Nínú èèyàn 110 tó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yè. Ohun tó fa iná náà ni ohun èlò ọ́síjìn tí wọ́n kó sínú ẹrù láìfi ìdérí ààbò dé e. Agbaṣẹ́ṣe kan ló dì í, àmọ́ nígbà tí àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá jábọ̀ lọ́dún 1997, wọ́n ní ValuJet náà jẹ̀bi torí pé kò bójú tó ẹni tó gbé iṣẹ́ fún. Wọn ò yọ àjọ ìjọba tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn sílẹ̀.

Ìjọba dá wọn dúró lóṣù Kẹfà ọdún 1996, ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó tún fò. Orúkọ àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń jẹ́ nígbà náà. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn ò gbówó lórí, síbẹ̀ èrò ò padà tó bó ṣe yẹ. Lọ́dún 1997 ni wọ́n wá ra iléeṣẹ́ tó ni AirTran, ọkọ̀ òfuurufú mìíràn tí kò tóbi tó tiwọn rárá, wọ́n sì gbé orúkọ AirTran wọ̀. Àwòrán ẹlẹ́rìn-ín yẹn pa rẹ́, lẹ́tà a kékeré ló bọ́ sí ìrù ọkọ̀. Láti ọdún 1999 ni Boeing 717 tuntun ti ń rọ́pò àwọn àlòkù. Nígbà tó di 2011, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Southwest ra AirTran.

Àwọn kan ní orúkọ tuntun ló kó wọn yọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Orúkọ ló mú kí èrò gbà láti wọkọ̀, ọkọ̀ tó dára ló mú kó tún padà wá. Ká ní ọkọ̀ AirTran kan tún já lọ́dún kejì ni, inú ìròyìn ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn ì bá ti hú ValuJet jáde.

Alákàrà òyìnbó kan tó wà láàárín wa ní òun ti jáwọ́ nínú búrómétì, èròjà tí NAFDAC fòfin dè, síbẹ̀ àdúgbò ò dákẹ́ lórí búrẹ́dì òun. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó gé búrẹ́dì náà sínú àwo, kó gbé e lọ sí ọjà tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n lójú, kó má jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀rá tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́ ọ wò tí wọ́n ní kò dùn, iṣẹ́ ló kù, kó má tíì náwó sórí orúkọ. Bí wọ́n bá ń béèrè iye tó ń tà á, tó wá mú ọ̀rá jáde, tí wọ́n sì fà sẹ́yìn, orúkọ ló ń pa á. Kó tún bi àwọn alágbàtà tó ti fi í sílẹ̀: ṣé búrẹ́dì ló bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni, àbí wọ́n kàn gbọ́ ni? Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i kò ní torí orúkọ tuntun padà wá.

Ó tún béèrè bóyá gbèsè òun á bá orúkọ àtijọ́ lọ. Kò ní bá a lọ o. Lábẹ́ CAMA, òfin kọ́ńpìnnì ti ọdún 2020, bí kọ́ńpìnnì bá yí orúkọ padà, gbèsè rẹ̀ àti ẹjọ́ tó wà ní kóòtù ṣì ń tẹ̀ lé e. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò àwọn tó ní ìpín ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan NAFDAC, báńkì àti ọ̀rá tuntun. Ọ̀rá àtijọ́ tó kún sítọ̀ọ̀ ń kọ́? Àdánù ni, ẹ tètè kà á mọ́ owó iṣẹ́ náà.

Ó ku bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ní tèmi, kò pọn dandan kó kọ orúkọ àtijọ́ sára ọ̀rá tuntun. Àmọ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn alágbàtà àti oníyẹ̀fun kí wọ́n tó gbọ́ níta. Bí oníbàárà bá sì béèrè pé, “Ṣé búrẹ́dì ọjọ́sí kọ́ nìyí?” kí ẹni tó ń tà á dáhùn pé òun ni, kó sì sọ ohun tí wọ́n ti yí padà nínú rẹ̀.