Ẹ̀wà Ni Ká Fi Dán Bùlẹ́ńdà Wò, Kì Í Ṣe Ata

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń yan bùlẹ́ńdà tó lè lọ ata, ẹ̀wà àti iṣu. Ẹ̀wà ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń tú bùlẹ́ńdà palẹ̀ tí mo ń tún un ṣe, ẹ̀wà ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ wá sórí tábìlì mi.

Bí ẹ bá lọ ra bùlẹ́ńdà lọ́jà, bí ọlọ́jà bá fẹ́ dán an wò lójú yín, tòmátì àti tàtàṣé ló máa dà sí i. Kò ní tó ogún ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi kúnná, ẹ ó sì ti máa ka owó. Ata ò dán nǹkan kan wò níbẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú tòmátì àti tàtàṣé. Bí abẹ ṣe ń tì í sókè, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàn padà wá bá abẹ nísàlẹ̀, mótò ò rí iṣẹ́ gidi ṣe. Kódà bùlẹ́ńdà tí kò ju 350 wáàtì lọ máa ṣe é.

Ẹ̀wà àkàrà ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo alákàrà tó wà níbí ló mọ̀ pé bí omi bá pọ̀ jù nínú ẹ̀wà, àkàrà á tẹ́ pẹlẹbẹ nínú epo, á sì mu epo yó. Nítorí náà, ẹ̀wà tí a bó, tí a rẹ dáadáa, tí a fi omi díẹ̀ lọ̀, ó ní láti ki. Èyí tó bá sì ki ò lè ṣàn padà wá bá abẹ. Ohun méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà, etí lẹ fi máa mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn, abẹ á gbẹ́ ihò sí àárín ẹ̀wà, á wá máa yí nínú afẹ́fẹ́ lásán. Ohùn rẹ̀ á ṣàdédé lọ sókè, á dún fííí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jọ́ọ̀gì ò mì. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn sí ohùn yìí, wọ́n rò pé agbára ló ń pariwo. Kò lọ nǹkan kan. Ẹ pa á, ẹ fi ṣíbí yí i, kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tàn.

Ìkejì ló ń pa mótò. Ẹ̀wà á di abẹ mú, ohùn á wálẹ̀, á dún wùùù bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mótò, orí ọ̀pá mótò náà ló jókòó sí. Bí mótò bá rọra ń yí, abẹ̀bẹ̀ náà á rọra máa yí. Ìgbà tí mótò ń gbóná jù lọ gan-an ni atẹ́gùn tó ń dé ibẹ̀ kéré jù lọ. Ọ̀dà tó wà lára wáyà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, òórùn rẹ̀ á jáde. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa á, kó tutù pátápátá. Ẹni tó bá ní “jẹ́ kí n parí èyí tó kù yìí” ni mo máa ń rí lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń rí bí mo bá tú u. Mo máa ń fi ẹnu ọ̀bẹ ha wáyà inú mótò díẹ̀. Bí abẹ́ ọ̀dà bá pupa, bàbà ni. Bó bá funfun, àlùmíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n kun ọ̀dà tó jọ àwọ̀ bàbà lé e lórí. Àlùmíníọ́mù ò gbé iná tó bàbà, nítorí náà ó máa ń tètè gbóná bí ìwọ̀n wáyà méjèèjì bá dọ́gba. Ẹni tó ń rajà ò lè ha wáyà wò ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó lè gbé ìdí bùlẹ́ńdà náà wò lọ́wọ́. Bàbà àti irin wúwo. Bí méjì bá jọra, tí nọ́ńbà wọn dọ́gba, tí ọ̀kan sì fúyẹ́ bí ike òfìfo, èyí tó wúwo ni kẹ́ ẹ mú.

Nọ́ńbà yẹn ló kàn báyìí, ara mi ò sì gba irọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ ti rí páálí tí wọ́n kọ 8000 wáàtì sí. Ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣe ìṣirò. Iná ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230 fóòtì. Fóòtì lọ́nà áǹpù ló ń fún wa ní wáàtì. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà lára bùlẹ́ńdà, fíúsì inú rẹ̀ ò ju 13 áǹpù lọ. 230 lọ́nà 13 jẹ́ 2990. Ohunkóhun tí ẹ bá fi púlọ́ọ̀gì yẹn tàn ò yẹ kó ju nǹkan bí 3000 wáàtì lọ. Bùlẹ́ńdà tó bá ń jẹ 8000 wáàtì ní tòótọ́ máa fa áǹpù 35, kò ní pẹ́ tí fíúsì á fi já. Wáyà rẹ̀ á ní láti nípọn bíi ti kúkà oníná ńlá, kì í ṣe wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ lè ká sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tó ń pariwo nọ́ńbà yìí fún àwọn ìyá wa mọ ìṣirò yìí dáadáa, wọ́n kàn gbà pé àwọn ìyá wa ò ní ṣe é ni.

Kódà, ká ní nọ́ńbà náà jẹ́ òótọ́, kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ wo mótò ẹ̀rọ ìlọta ẹsẹ̀ títì, èyí tó jẹ́ agbára ẹṣin kan. Agbára ẹṣin kan jẹ́ 746 wáàtì. Bùlẹ́ńdà tí wọ́n kọ 750 sí wà lọ́jà. Nọ́ńbà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ ọ̀kan lè lọ ẹ̀wà láàárọ̀ títí ọ̀sán, èkejì ní láti sinmi lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Mótò ẹ̀rọ ìlọta wúwo, kò sì yára, nǹkan bí ìgbà 1400 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ti bùlẹ́ńdà kéré, ó ń sáré ju ìgbà 10,000 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹ yí ìdí bùlẹ́ńdà sókè, kí ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí “KB 1 min”, ìṣẹ́jú kan ni ẹni tó ṣe é gbà pé ẹ lè fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó tó sinmi. Fún ẹni tó ń lọ ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn wúlò ju gbogbo ohun tó wà lára páálí lọ.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí tí màmá kan tó ń ta àkàrà fi nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Bùọ̀dá, mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n kọ sára páálí, ṣé wọn ò lè kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ náà? Tèmi rèé, mo gbé e wá. 1500 ló wà lókè, 1500 náà ló wà nísàlẹ̀.” Wọ́n gbé ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ wá pẹ̀lú.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo pa ìwé tó wà lọ́wọ́ mi dé, gbogbo wa sì lọ sídìí mítà. Ẹ wo ojú mítà ilé yín, ẹ ó rí iná pupa kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú kí yúnítì kan tó tán. 1000 imp/kWh ló wà lára ti gbọ̀ngàn yìí. Lórí irú mítà bẹ́ẹ̀, iye ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ fi 60 lọ́nà rẹ̀, wáàtì nìyẹn. A pa fáànù, a pa gílóòbù, a yọ fóònù kúrò lára ṣájà, títí iná mítà ò fi ṣẹ́jú mọ́. A da ẹ̀wà dé ìdajì jọ́ọ̀gì, omi ò ju kó kàn lè yí lọ. Wọ́n tàn án fún ìṣẹ́jú kan géérégé, àwùjọ ń kà á sókè. Ìgbà mẹ́jọ ló ṣẹ́jú. 8 lọ́nà 60 jẹ́ 480.

Màmá náà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, “Abájọ tó fi ń gbóná.”

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí i pé ẹ̀wà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á. Bí jọ́ọ̀gì bá ṣófo, mótò ò ní fa iná tó bó ṣe yẹ, iye tó máa jáde á sì kéré kódà fún bùlẹ́ńdà gidi. Bó bá jẹ́ 1600 imp/kWh ló wà lára mítà tiyín, iná tí ẹ lò láàárín ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́jú kéré sí i. Ẹ fi 60 lọ́nà iye tẹ́ ẹ kà, kẹ́ ẹ wá fi 1.6 pín in.

Ìdánwò yìí jẹ àkókò tí mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ iṣu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yára. Iṣu sísè tó gbóná ni ọ̀tá bùlẹ́ńdà ju ẹ̀wà lọ, torí bí abẹ ṣe ń gbá a ló ń fà bíi gọ́ọ̀mù, ooru á sì tì ìdérí jọ́ọ̀gì sókè. Ẹni tó fẹ́ jẹ iyán láìgún, kó gé iṣu tútù wẹ́wẹ́, kó fi omi lọ̀ ọ́ kúnná, kó wá rò ó lórí iná bí ẹni ń ro àmàlà. Omi ló máa ru ẹrù náà fún mótò. Èlùbọ́ ńkọ́? Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ.

Lórí orúkọ tó wà lára wọn: ẹni tó ń lọ ata ọbẹ̀ nìkan, Philips, Kenwood, Panasonic tàbí Binatone tó jẹ́ ojúlówó, tí kò ju 400 tàbí 500 wáàtì lọ, ti tó o. Ẹni tó ń ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìdílé, irú èyí tí àwọn ará Íńdíà ń lò ni mo fara mọ́, bíi Preethi 750 wáàtì. Àwọn náà ń lọ ìrẹsì àti ẹ̀wà rírẹ tó ki, nítorí náà jọ́ọ̀gì wọn jẹ́ irin, abẹ rẹ̀ sún mọ́ ìdí jọ́ọ̀gì gan-an. Bọ́tìnì kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá wúwo jù. Tó bá tutù, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹni tó ń ta àkàrà, bíi màmá wa yìí, kó má ra bùlẹ́ńdà kankan fún òwò. Ẹ̀rọ ìlọta ni kí wọ́n tọ́jú owó fún.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fi Vitamix ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, mótò rẹ̀ lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó ka abẹ́ rẹ̀ kó tó fi sínú iná. Bí 120V bá wà níbẹ̀, iná wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, á jó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 120 ló nílò, kí agbára tiransifọ́mà náà sì ju wáàtì bùlẹ́ńdà lọ dáadáa.