Orí Kẹta: Kí Ló Dé Tí Ẹ Fi Fẹ́ Pa Ọ̀nà Ìwádìí Méjì Pọ̀?

Okun o, ẹ̀yin ará wa láti Kábbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ kú ìjókòó.

Ìpínrọ̀ kan wà tó ń yọjú nínú ọ̀pọ̀ orí kẹta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ètò ẹ̀kọ́ máa ń kọ. Ó máa ń lọ báyìí: ọ̀nà oníṣirò ní kùdìẹ̀-kudiẹ tirẹ̀, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ní tirẹ̀, nítorí náà a pa méjèèjì pọ̀ kí ọ̀kan lè bo àléébù èkejì. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ìpínrọ̀ náà kúrò, kí ẹ gbé e sínú iṣẹ́ ẹlòmíràn tó ń ṣèwádìí ibà tàbí adìyẹ sísìn: á jókòó síbẹ̀ pẹ́sẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni olùyẹ̀wò tó wá láti ìta máa ń dúró sí lọ́jọ́ dífẹ́ǹsì. Ìpínrọ̀ yẹn la fẹ́ tún ṣe lónìí. Àwọn apá yòókù nínú orí kẹta, a ó fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí wọ́n bá ti kàn án nìkan.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó sún mọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ mọ bí ìbẹ̀wò ọ̀gá ilé-ìwé sí kíláàsì ṣe kan iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé-ìwé girama ìjọba ní Ìlà-Oòrùn Yàgbà, Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà àti Mọ̀pà-Mùró. Ìbéèrè rẹ̀ kìíní: ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀gá ń wọ kíláàsì nínú tááàmù kan? Ìkejì: ǹjẹ́ ìbátan wà láàárín iye ìbẹ̀wò àti bí olùkọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́? Ìkẹta, tí gbogbo yín mọ̀ dáadáa: kí ni àwọn ìṣòro tó ń dojú kọ ìbẹ̀wò kíláàsì? Ó wá ní torí ìbéèrè kẹta yìí ni òun ṣe fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀gá lẹ́nu wò.

Ìbéèrè kẹta yẹn kò lè gbé ẹrù tó gbé lé e lórí. Ẹ lè to ìṣòro mẹ́wàá sórí ìwé ìbéèrè kí àwọn èèyàn máa fàmì sí i, ó ti parí nìyẹn. Bí iṣẹ́ yín bá rí báyìí, ẹ lo ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ sì sinmi. Kò sí ẹni tó máa gba máàkì lọ́wọ́ yín torí pé ẹ ò pa méjì pọ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ lẹ fẹ́ lo méjèèjì, ẹ pa ìbéèrè kẹta dà. Ẹ béèrè pé: kí ló fà á tí ilé-ìwé méjì tí iye ìbẹ̀wò wọn dọ́gba fi yàtọ̀ síra ní ti iṣẹ́ olùkọ́? Ẹ wò ó bí ìbéèrè yìí ṣe rí. Ẹ ò lè mọ ilé-ìwé tó kàn láìjẹ́ pé ẹ ti kà á nínú ìwé ìbéèrè. Ẹ ò sì lè rí ìdáhùn nínú ìwé ìbéèrè kan náà.

Kí nìdí tí ẹ ò fi lè rí i níbẹ̀? Ẹ wo ìlà kan nínú ìwé ìbéèrè ọ̀hún: "Láti ìbẹ̀rẹ̀ tááàmù yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀gá ilé-ìwé yín ti bẹ kíláàsì yín wò nígbà tí ẹ ń kọ́ni?" Àyè ìdáhùn mẹ́rin: kò sí rárá, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún sókè. Ìlà dáadáa ni, ó sàn ju "mo gbà gan-an" àti "mi ò gbà" lọ, torí pé iye ló ń béèrè, kì í ṣe èrò. Síbẹ̀, ọ̀gá kan lè dúró lẹ́nu fèrèsé, kó wo iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, kó sì kọjá. Òmíràn lè jókòó sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dé òpin, kó mú fọ́ọ̀mù ìwòye lọ́wọ́, kó sì pe olùkọ́ náà sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìgbà náà láti jọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó rí. Olùkọ́ méjèèjì máa fàmì sí "ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin". Lójú ìṣirò, ọgbọọgba ni wọ́n. Àyàfi tí ẹnì kan bá bi wọ́n pé báwo ni ìbẹ̀wò náà ṣe lọ.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìpínrọ̀ àwíjàre yín nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí èrò rẹ̀ ṣe tò tẹ̀ léra nìyí: "Ìbéèrè kìíní àti ìkejì ń béèrè iye àti ìbátan, ìwé ìbéèrè ló yẹ wọ́n. Ìbéèrè kẹta ń béèrè ìdí tí ilé-ìwé tí iye ìbẹ̀wò wọn dọ́gba fi yàtọ̀ ní ti iṣẹ́ olùkọ́. Èsì ìpele kìíní nìkan ló lè fi irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbẹ̀wò. Ìdí nìyí tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi tẹ̀ lé e ní ilé-ìwé mẹ́fà tí èsì náà yàn." Ẹ gbìyànjú láti gbé ìyẹn lọ sínú iṣẹ́ adìyẹ sísìn. Kò lè wọlé.

Ètò onípele méjì tó tẹ̀ léra lèyí, tí ìkejì ń ṣàlàyé ìkíní. Àmì tí wọ́n máa ń fi kọ ọ́ ni QUAN → qual. QUAN ni ọ̀nà oníṣirò, qual ni ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Lẹ́tà ńlá ló ń fi ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí hàn, ọfà sì ń fi èyí tó ṣáájú hàn. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan níbí. Ní ọdún 1989, Greene, Caracelli àti Graham to ìdí márùn-ún tí àwọn èèyàn fi ń pa ọ̀nà pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni fífi ọ̀nà méjì wo ohun kan náà láti mọ̀ bóyá wọn á bára mu. Òun ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti kọ, torí orúkọ rẹ̀, triangulation, letí ń gbọ́ jù. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, ìpele méjèèjì kò béèrè ohun kan náà: ọ̀kan ń ka ìbẹ̀wò, èkejì ń tú inú rẹ̀ wò. Ìdí kejì nínú àtòjọ wọn ni tiwa, ìyẹn kí ọ̀nà kan máa la èkejì yé ni. Bí ẹ bá kọ ti àkọ́kọ́, olùyẹ̀wò á ní kí ẹ fi ibi tí ẹ ti wọn ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì han òun, ẹ ò sì ní rí i.

Bí àwíjàre bá ti dúró, ó máa pa àwọn apá yòókù láṣẹ. Ká ní, fún àpẹẹrẹ, ilé-ìwé 36 àti olùkọ́ 400 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tábìlì Krejcie àti Morgan ti ọdún 1970 máa sọ pé olùkọ́ 196 tó. Ọ̀pọ̀ á wá pín 196 yẹn ká ilé-ìwé 36, kí ó kan bí olùkọ́ márùn-ún ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Fún ìwádìí olọ́nà kan, kò burú. Fún tiwa, ó burú, torí pé ìpele kejì nílò iye kan tó dúró fún ilé-ìwé lódindi, ìdáhùn olùkọ́ márùn-ún sì lè yí padà bí ẹnì kan péré bá ń bínú sí ọ̀gá. Ó sàn kí ẹ fi ìbò mú ilé-ìwé 20 láti inú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí gbogbo olùkọ́ ibẹ̀ sì gba ìwé. Ìyẹn á tó bí 220. Bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bá dá a padà, 198 wà lọ́wọ́. Ohun tí ẹ pàdánù ni pé àwọn olùkọ́ ilé-ìwé kan náà máa ń jọra wọn, nítorí náà 198 yìí kò lágbára tó 198 tí a ṣà káàkiri. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú ààlà iṣẹ́ yín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ tó sọ iye ìbẹ̀wò tún fún ara rẹ̀ ní máàkì iṣẹ́ lórí ìwé kan náà. Gbogbo wọn á gba A. Ẹ fún fáísì púríńsípà ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí dáadáa, torí òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. A ti kọ́ yín pé ìwé ìbéèrè kì í ní orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan, á pín in, á kó o padà sínú báàgì kan, á kó gbogbo nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó bá fẹ́ yan ilé-ìwé mẹ́fà, kò mọ ìwé tó ti Ìsánlú wá yàtọ̀ sí èyí tó ti Odò Eré wá. Ìpele kejì kú síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n á lọ bá ọ̀gá tí wọ́n mọ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni. Ẹ fi kóòdù sórí ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: nọ́ńbà ilé-ìwé, lẹ́yìn náà nọ́ńbà olùkọ́, bíi 07-04, tí fáísì náà á tún lò lórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ìwé tó so kóòdù mọ́ orúkọ, ibòmíràn ni kó wà, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda pé kóòdù wà àti ìdí tó fi wà. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà tí a kò ṣàlàyé fún un á rò pé ọ̀gá rẹ̀ máa rí ìdáhùn òun.

Pẹ̀lú kóòdù yìí, yíyan di ohun tó rọrùn. Ẹ to ilé-ìwé 20 náà tẹ̀ léra gẹ́gẹ́ bí iye ìbẹ̀wò. Níbi tí ìbẹ̀wò ti pọ̀, ẹ wá ìbejì méjì: ilé-ìwé tí ìbẹ̀wò wọn dọ́gba tí iṣẹ́ olùkọ́ wọn jìnnà síra. Níbi tí ìbẹ̀wò ti kéré, ẹ wá ìbejì kan. Mẹ́fà rèé. Ọ̀gá kan àti olùkọ́ méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn 18. Nínú orí kẹta, ìlànà yíyàn lẹ máa kọ, kì í ṣe orúkọ ilé-ìwé, torí pé ẹ ò tíì mọ̀ wọ́n.

Ní ti àkókò, ẹ má fi ìpele méjèèjì jìnnà síra. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí láàárín wọn, wọ́n lè ti gbé ọ̀gá náà lọ sí ilé-ìwé mìíràn, ẹni tí ẹ máa bá lórí àga kò sì mọ nǹkan kan nípa ìbẹ̀wò tí ẹ kà. Ìpele kìíní láàárín tááàmù kìíní, ìpele kejì níbẹ̀rẹ̀ tááàmù kejì. Ẹ yẹra fún ìgbà ìdánwò WAEC pátápátá.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á fi Yàgbà dá yín lóhùn tí ara bá ti tù wọ́n. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè náà sì yẹ ìtumọ̀ wò. Gbólóhùn kan lórí èyí tó nínú orí kẹta, ṣùgbọ́n kó wà níbẹ̀.

Ó ku ibi tí ìpele méjèèjì ti máa pàdé. Ẹ ṣèlérí tábìlì kan fún orí kẹrin: ìbejì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, nọ́ńbà lápá òsì, ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín, ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ wo méjèèjì pọ̀ lápá ọ̀tún. Láìsí apá ọ̀tún yẹn, ìwádìí kékeré méjì lẹ ṣe, ẹ kàn fi ìdè kan dè wọ́n. Ẹ tún kọ ohun tí ẹ máa ṣe bí wọ́n bá tako ara wọn, bíi kí olùkọ́ fàmì sí "ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin" kí ó wá ní kò sẹ́ni tó wọ kíláàsì òun. Ẹ padà sí ìwé àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò ilé-ìwé náà, kí ẹ wo déètì, kí ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé. Kí ìyọ̀ǹda láti wo ìwé yẹn ti wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ mú lọ bá ọ̀gá, torí bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ takora kí ẹ tó béèrè rẹ̀, á rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun lẹ ò gbà gbọ́, kò sì ní gbé e jáde.