Bàtà Tó Lọ Ìlọrin Tó Tún Padà Wálé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọjà Tí Wọ́n Ń San Owó Rẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn oníṣòwò orí ayélujára. A kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe sọ ọ́, a kàn gé àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe àtúnwí kúrò ni.)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí sí ni ti ọjà tí oníbàárà bèèrè fún lórí fóònù, tí kò ní san kọ́bọ̀ títí ẹni tó gbé e yóò fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí ìtàn rẹ̀. Láti 2012 tí Jumia àti Konga ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ni a ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù jìbìtì ló bí i, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí rí. Konga padà fi í sílẹ̀ nígbà tó yá. Àwa tí à ń polówó lórí Fesibúùkù, tí à ń tajà lórí Wáàsáàpù, kò rọrùn fún wa láti fi í sílẹ̀, nítorí ẹ̀rù yẹn ṣì wà lọ́kàn ẹni tó ń rà.

Àwọn kan ń sọ pé ká fagi lé e pátápátá, pé oníbàárà wa kò ṣeé fọkàn tán. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí, n kò sì gbà á. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì jókòó ṣírò ọjà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀ níbí. Ibi tí mo fẹ́ lo àkókò jù nìyẹn.

Ká mú bàtà obìnrin kan. Àpẹẹrẹ ni iye owó tí mo máa pè, kí kálukú fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ rà á ní ₦8,000, ẹ ń tà á ní ₦18,000, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ẹ máa gbé e délé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpolówó jẹ ₦2,000 lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bèèrè. Páálí àti ọ̀rá jẹ ₦500. Ilé iṣẹ́ agbéjà gba ₦3,500 láti Èkó dé Ìlọrin, wọ́n sì ń gba ₦1,500 bí wọ́n bá gbé e padà. Bí oníbàárà bá gbà á, ẹ jèrè ₦4,000. Bí kò bá gbà á, bàtà yín padà wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ìpolówó ti lọ, owó páálí ti lọ, owó àlọ àti owó àbọ̀ ti lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦7,500.

Ẹ wo bí òfò ọ̀kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè méjì. Nínú bàtà 10, bí 7 bá wọlé, èrè jẹ́ ₦28,000, òfò 3 tó padà jẹ́ ₦22,500, ó ku ₦5,500 lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ 6 ló wọlé ńkọ́? ₦24,000 lápá kan, ₦30,000 lápá kejì. Ẹ ti jẹ gbèsè ₦6,000. Bàtà kan ṣoṣo ló yí èrè padà di òfò. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò rí i, torí wọ́n ń ka owó tó wọlé lójoojúmọ́, wọn kì í sì í kọ èyí tó padà sínú ìwé kan náà. Mi ò tíì ka ti bàtà tó wà lọ́nà fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ẹlòmíràn ń wá a lọ́wọ́ yín tí kò sí nílẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ yí ohun kan péré padà. Ẹ pe bàtà náà ní ₦14,500, kí ẹ ní kí oníbàárà fi ₦3,500 owó ìgbéjà ránṣẹ́ ṣáájú, kí ó wá san ìyókù lẹ́nu ọ̀nà. Iye tó máa san kò yí padà, ₦18,000 náà ni. Ẹ máa pàdánù àwọn kan. Ká ní nínú ẹni 10 tó bèèrè, 4 kò fi owó ìgbéjà ránṣẹ́, ẹ ò gbé nǹkan kan fún wọn, ₦2,000 ìpolówó nìkan ló bá kálukú wọn lọ, ìyẹn ₦8,000. Nínú 6 tó kù, 5 gba bàtà, èrè ₦20,000. Ọ̀kan kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n owó àlọ ti wà lọ́wọ́ yín, òfò rẹ̀ dín kù sí ₦4,000. Ó ku ₦8,000. Bàtà 5 tí ẹ tà báyìí mówó wọlé ju bàtà 7 ti àkọ́kọ́ lọ! Ẹni tó ń fi iye ọjà tó tà yangàn lórí Fesibúùkù, ẹ bi í léèrè iye tó padà.

Ìdí tí owó kékeré yìí fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń ya ẹni tó fẹ́ rà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tó bèèrè ọjà kan náà lọ́wọ́ ẹni méjì, tó fẹ́ gba ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, kò ní sanwó ìgbéjà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń dúró de owó oṣù yóò sọ fún yín pé ó di ìparí oṣù. Ẹ ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa gbé e nìyẹn.

Ìpè fóònù ló kàn. Ẹ pè é kí wákàtí kan tó kọjá, nígbà tí àwòrán bàtà ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ ka ohun tó bèèrè fún un padà: àwọ̀, nọ́ńbà ẹsẹ̀, àti àpapọ̀ owó. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù kejì. Ẹ má gba "Tankẹ̀, Ìlọrin" ní àdírẹ́sì. Ẹ bi í pé ilé epo wo tàbí mọ́sálásí wo ló wà nítòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè pé, "Lọ́jọ́bọ̀ tí a bá dé, ta ni yóò wà nílé, ṣé owó á ti wà lọ́wọ́ ẹni náà?" Ẹni tó ń rà máa ń dáhùn ní tààrà: "Èmi ni, ẹ dé lẹ́yìn aago mẹ́rin." Ẹni tó bá ní "ẹ ṣáà máa gbé e bọ̀", ẹ dá ọjà tirẹ̀ dúró ná. Ẹni tí ẹ pè láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ tí kò gbé e, ẹ má gbé ọjà fún un. Bí kò bá gbé ti ẹni tó ń polówó fún un, ṣé yóò gbé ti dìsípáàṣì tí kò mọ̀ rí? Nítorí náà, ẹ fi nọ́ńbà dìsípáàṣì ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ̀bi kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ti oníbàárà o. Bí wọ́n bá ń sanwó fún dìsípáàṣì lórí ọjà tó bá fi lélẹ̀ nìkan, èyí tó jìnnà tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wà lọ́nà rẹ̀, ó lè má dé ibẹ̀, kó sì kọ ọ́ pé "kò gbé fóònù." Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ pe oníbàárà fúnra yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ bi í pé aago mélòó ni wọ́n pè é. Ẹ wá ní kí dìsípáàṣì fi àwòrán ìpè tó wà lórí fóònù rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìpè kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé oníbàárà kò kọ ọjà yín rárá, dìsípáàṣì ni kò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

(Níbí ni ìyá kan ti nawọ́ sókè, wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aṣọ ni mo ń tà. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ tú u wò kí wọ́n tó sanwó, dìsípáàṣì á ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìjà á dé. Ṣé n kò wá lè ní ẹni tó bá ti sanwó ìgbéjà ti rà á tán, kò lè kọ̀ ọ́ mọ́?")

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí áléẹ̀tì irọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ṣe pàtàkì jù ú lọ, ẹ jẹ́ n fi àkókò tó kù dáhùn rẹ̀.

Rárá o, ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti ọdún 2018, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní abala 120 sí 122. Oníbàárà lè yí ọkàn padà lórí ohun tó ti bèèrè, olùtajà sì lè gba owó tó mọ níwọ̀n nítorí rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ìgbéjà yín dúró lé, bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún un ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí kò bá láǹfààní láti yẹ ọjà wò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, tó wá rí i pé kò bá ohun tí ẹ ṣàpèjúwe mu, ó lè dá a padà láìpẹ́, kó sì gba gbogbo owó tó san. Aṣọ tí ẹ pè ní léèsì tó wá jẹ́ pólísítà, owó ìgbéjà rẹ̀ kò tọ́ sí yín.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u. Ẹ bá ilé iṣẹ́ agbéjà ṣe àdéhùn kí ẹ tó fún wọn lọ́jà, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kì í gbà á bí ẹ ò bá sọ ọ́. Ẹ fi aṣọ sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ojú lè rí àwọ̀ àti iṣẹ́ ara rẹ̀ láìtú u. Bí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ wò, ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́nu ọ̀nà, kí dìsípáàṣì máa wò ó. Ọ̀rá kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un dì. Ẹ lè ní kí oníbàárà fi ₦500 sí i fún ìdúró yìí. Ẹni tó bá wá sọ pé kò gba òun, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: ó kéré, ó tóbi, àwọ̀ yàtọ̀. Bí "ó kéré" bá jẹ́ márùn-ún nínú mẹ́jọ tó padà, wàhálà wà lára ìwọ̀n tí ẹ kọ sínú ìpolówó. Ẹ fi okùn wọn àyà àti ìbàdí aṣọ náà, kí ẹ kọ ọ́ ní ínṣì dípò "M" àti "L".

Wọ́n ti ń fún mi ní àmì pé àkókò ti lọ. Mo máa sáré sọ méjì sí i. Ẹ má ṣe gbé nǹkan olówó ńlá bíi fóònù lọ sí ojúlé ẹni tí ẹ ò mọ̀ lórí ètò yìí; gbogbo wa rántí dìsípáàṣì tí wọ́n pa ní Port Harcourt lọ́dún 2017 nígbà tó gbé fóònù lọ fún oníbàárà. Ẹ ní kí ó wá gbà á ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ agbéjà. Ní ti áléẹ̀tì, kí dìsípáàṣì má wo fóònù oníbàárà rárá. Ẹ̀yin tí àkáǹtì jẹ́ tiyín ni ẹ máa sọ fún un pé owó ti wọlé, òun á sì dúró títí ẹ ó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó sì ń lẹ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ ọjà kiri orí ayélujára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 wà nílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé tiyín, kí ẹ má gbé ọjà fún un mọ́ àfi bó bá san gbogbo owó ṣáájú.