Ewúrẹ́ Tó Lóyún, Tí A Ṣì Ń Fún Wàrà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọlọ́sìn ewúrẹ́ sọ ní Agége rèé. Ibi díẹ̀ ni mo gé kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fífún wàrà, oúnjẹ ẹran, àti bí a ṣe ń mú ọmú gbẹ kí ewúrẹ́ tó tún bímọ. Láti ẹ̀yìn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé a ń pàdánù jù.

Nǹkan bí 150 ọjọ́ ni oyún ewúrẹ́. Oṣù méjì tó gbẹ̀yìn ni ọmọ inú rẹ̀ máa ń dàgbà jù, ìgbà yẹn náà ni inú ọmú ń tún ara rẹ̀ ṣe de wàrà tuntun. Tí ẹ bá ń fún un lọ títí di ọjọ́ ìbímọ, wàrà tó ń bọ̀ á dín kù, wàrà àkọ́kọ́ tó ki, èyí tó ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ àìsàn, kò ní dára tó. Ẹ fún ọmú ní 60 ọjọ́ kó sinmi. Ká ní òbúkọ gun ewúrẹ́ yín ní January 10: yóò bímọ ní nǹkan bí June 9. April 10 nìyẹn tí ẹ ó jáwọ́. Nínú òjò June, tí ilẹ̀ ọgbà ń rin, ọmú tó ti rẹ̀ ni àrùn kọ́kọ́ ń wọ̀.

Báwo la ṣe ń jáwọ́? Àwọn kan ṣì ń kọ́ yín pé kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ọmú má bàa dùn ún. Ó pẹ́ tí mo ti ń ta ko èyí, mi ò sì ní ṣíwọ́. Wàrà tó kún inú ọmú gan-an ló ń sọ fún ọmú pé kó má ṣe òmíràn mọ́. Bí ẹ bá ti fún díẹ̀ kúrò, ẹ ti ṣí àyè sílẹ̀ fún tuntun nìyẹn, ẹ ó sì wà lẹ́nu ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó jáwọ́, ẹ mú fíìdì, èérí àti èèpo ẹ̀wà kúrò níwájú rẹ̀, kó máa jẹ koríko gbígbẹ. Ẹ má fi omi dù ú o, pàápàá nínú ooru Èkó yìí. Èyí tí wàrà rẹ̀ ṣì ju lítà kan lọ lóòjọ́, ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹ ta wàrà tó bá kọ́kọ́ jáde sínú ife dúdú kí ẹ wò ó dáadáa: bóyá ó dì, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà ẹran ló kàn kí ẹ tó jáwọ́. Bí kò bá sí, ẹ fún un tán pátápátá, ẹ ki orí ọmú méjèèjì bọ áyódíìnì, ẹ wá fi sílẹ̀.

Ọmú á wú fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá le ṣùgbọ́n tó tutù, tí ẹran ń jẹun, tó ń rìn dáadáa, ẹ fi sílẹ̀. Bí apá kan bá gbóná, tó pọ́n, tó le bí òkúta, tí ẹran sì ń tiro, àrùn nìyẹn: ẹ fún un kúrò, kí ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmú tó dára á ti sọ̀, á sì hunjọ.

Alága ti ń na ọwọ́ sí aago, ẹ jẹ́ kí n yára. Wákàtí 12 ló yẹ kó wà láàárín fífún àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́. Aṣọ ìnumú ti ewúrẹ́ kan kò gbọdọ̀ kan òmíràn, èyí tó ń ṣàìsàn ni ẹ ó fún kẹ́yìn. Ìdajì kílò fíìdì fún lítà wàrà kan, lórí koríko, kì í ṣe dípò rẹ̀. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bímọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní fíìdì díẹ̀díẹ̀, torí ọmọ ti gba àyè nínú ikùn. Tí olóyún ìbejì bá kọ oúnjẹ, tó dá dúró, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù, ẹ pe dókítà, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ibí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìyànà-Ìpájà ti nawọ́: “Ẹ̀gbọ́n, àárín àwọn ewúrẹ́ ni òbúkọ wa ń sùn. Báwo la ṣe máa mọ ọjọ́ tó gùn wọ́n?”

Ìbéèrè yìí kan gbogbo ohun tí mo ti sọ, torí láìsí ọjọ́ yẹn, kò sí kíkà kankan. Ẹ ya òbúkọ sọ́tọ̀. Òórùn òbúkọ máa ń ràn mọ́ wàrà pàápàá, àwọn oníbàárà yín ń gbọ́ ọ. Bí kò bá sí àyè, ẹ po osùn mọ́ ọ̀rá, kí ẹ fi pa á láyà. Ewúrẹ́ tí ẹ bá bá osùn ní ìdí rẹ̀ láàárọ̀, òbúkọ ti gùn ún nìyẹn. Bí osùn bá tún hàn lára rẹ̀ ní nǹkan bí 21 ọjọ́ sí i, oyún àkọ́kọ́ kò dúró. Ọjọ́ tuntun ni ẹ ó máa kà. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti dà rú tẹ́lẹ̀, kí dókítà wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì bóyá oṣù kan ni tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ tètè jáwọ́ ju kí ẹ pẹ́ lọ. Ẹ fi ẹfun kọ ọjọ́ náà sára ògiri ọgbà, níbi tí òjò kò ti lè nù ún.