Bí a ṣe ń kọ sláìdì Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kó kúrú, kó sì dùn-ún gbọ́ ní èdè méjèèjì

Ẹ jẹ́ ká wo sláìdì kan pọ̀. Ó wà fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń yàgbẹ́ gbuuru. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lókè:

"Dehydration caused by diarrhoea can be prevented by ensuring adequate fluid intake."

Yorùbá wà nísàlẹ̀: "A lè dènà àìtó omi ara tí ìgbẹ́ gbuuru ń fà nípa rírí i dájú pé ọmọ ń mu ohun olómi tó pọ̀ tó."

Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ti Yorùbá yẹn sókè bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé èémí yóò tán kí ẹ tó débi ohun tí ìyá ọmọ máa ṣe. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn. Lórí Instagram, ìka lèèyàn fi ń ti sláìdì kan kọjá sí òmíràn. Bí ìka yẹn bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́, yóò kọjá ni.

Nínú fídíò yìí, a máa tún sláìdì mẹ́ta kọ nínú iṣẹ́ yìí kan náà, iṣẹ́ omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Mo yàn án nítorí pé àṣìṣe níbẹ̀ lè pa ọmọ lára, kì í ṣe pé yóò kàn bu ẹwà iṣẹ́ kù.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ ìlà kan síbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́: kí ni ìyá yìí máa mọ̀, tàbí kí ló máa ṣe, tó bá ka sláìdì yìí tán? Fún sláìdì àkọ́kọ́, ìdáhùn mi ni pé kó mọ̀ pé omi ló ń tán lára ọmọ, kó sì fún un ní ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Inú ìlà yìí ni Yorùbá ti máa jáde, inú rẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti máa jáde. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n á kọ Gẹ̀ẹ́sì pé, wọ́n á wá ní kí ẹnì kan yí i sí Yorùbá. Yorùbá á wá gbé ẹrù gbólóhùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí ni ohun tí mo kọ:

Ṣé ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru?
Omi ń tán lára rẹ̀.
Ẹ fún un ní ORS.

"Running stomach?
Your child is losing water.
Give ORS."

Ẹ wo "Ṣé" tó ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ méjì àti àmì ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, torí ohùn tó gòkè ló sọ ọ́ di ìbéèrè. Yorùbá ti lo ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ ohùn fún iṣẹ́ mìíràn. Bí mo bá kọ "Ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru" tí mo fi àmì ìbéèrè sí i, ẹni tó ń kà á yóò kà á bí ìròyìn, yóò sì dúró kó tó mọ̀ pé wọ́n ń bi í ní nǹkan. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ máa yọ kí sláìdì lè kúrú, ẹ má ṣe yọ "Ṣé".

Ohun tí mo yọ ni "rírí i dájú pé", "nípa" àti "àìtó omi ara". Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi fífún, dídènà, lílò, ẹ dá a padà sí ìṣe. "Fífún ọmọ ní omi ṣe pàtàkì" yóò di "Ẹ fún ọmọ lómi." Gígùn rẹ̀ dín kù, àṣẹ inú rẹ̀ sì hàn.

Ti Gẹ̀ẹ́sì náà ní ilé tó ti wá. Ní Nàìjíríà, "running stomach" ni ìyá máa sọ fún nọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń kọ ọ́ fún àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, "diarrhoea" lẹ máa kọ. Ẹ yan ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ní èdè méjèèjì, kì í ṣe ní ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹ sì yan bí ẹ ṣe máa pè é. "You" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Ní Yorùbá, "ẹ" tàbí "o" ni. Ìyálọ́mọ tí ẹ kò mọ̀ rí, "ẹ" ló tọ́ sí i, kó sì jẹ́ "ẹ" láti sláìdì kìíní dé ìkẹyìn. Mo ti rí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ọmọ yín" tó sì parí pẹ̀lú "ọmọ rẹ", nítorí pé ọwọ́ méjì ló kọ ọ́. Òǹkàwé máa ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹni tó kúnlẹ̀ kí i bá dìde lójijì tó sì ń nà án níka. Anfààní kan tún wà nínú "ẹ": kò sí ìdí láti fi "ẹ jọ̀ọ́" kún gbogbo ìlà, torí ọ̀wọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ó kan sláìdì kejì, tó le jù, èyí tó sọ bí a ṣe ń po omi náà bí kò bá sí ọ̀rá ORS nítòsí. Ìwọ̀n rẹ̀ ni omi tó mọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì tí a gé lórí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọmọ.

Omi tó mọ́, lítà 1
Ṣúgà, ṣíbí tíì 6
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì
Ẹ pò ó títí yóò fi yọ́.

"1 litre clean water
6 level teaspoons sugar
½ level teaspoon salt
Stir until dissolved."

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ rí níbí. Àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jà ni mo ṣe to Yorùbá yẹn: orúkọ nǹkan ṣáájú, ìwọ̀n tẹ̀ lé e, bí a ṣe ń sọ pé gàrí kóńgò méjì. Gẹ̀ẹ́sì fi ìwọ̀n ṣáájú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fipá mú wọn rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà.

Èkejì, wọ́n kọ́kọ́ kọ ìlà kìíní ní "Ẹ mu omi tó mọ́ lítà kan." Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni "ẹ mú". Àmì kékeré kan sọ ìpòpọ̀ di mímu, ó wá dà bíi pé ìyá ni wọ́n ní kó mu lítà omi kan. Àwọn kan ń yọ àmì ohùn kúrò nítorí ààyè, pé òǹkàwé yóò mòye. Lórí sláìdì, kò sí ìpínrọ̀ tó máa ran òǹkàwé lọ́wọ́ láti mòye. Mo fi àmì sí i, mo sì tún yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátápátá, kí ọ̀rọ̀ má bàa dúró lórí àmì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni "level". Ọ̀rọ̀ kan péré ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ inú ìlà láìgba ààyè. Ní Yorùbá, gbólóhùn odindi ló gbà. Bí mo bá kọ "ṣíbí tíì mẹ́fà tí ẹ ti fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba", tí mo tún un kọ lórí ìlà iyọ̀, sláìdì ti kún. Bí mo bá sì fò ó, ìyá lè bu ṣíbí tó ga gègèrè. Mo fún un ní sláìdì tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ọ̀bẹ lórí ṣíbí: "Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí." "Level the spoon with a knife." Ó ṣáájú sláìdì ìpòpọ̀, kí ìyá ti mọ̀ ọ́n kó tó bu ṣúgà. Bí èdè kan bá nílò ààyè ju èkejì lọ, èyí tó nílò rẹ̀ jù ni kí ẹ fi wọn iye sláìdì.

Sláìdì kẹta ni ti àmì ewu. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún mi bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Go to hospital if your child", lẹ́yìn náà àmì mẹ́ta sọ̀ mọ́ ọn. "If" kan gbé gbogbo wọn. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀, torí "bá" gbọ́dọ̀ wọ inú ìlà kọ̀ọ̀kan: bí kò bá lè mu nǹkan, bí kò bá jí dáadáa, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó gùn, ilé ìwòsàn sì ti ṣáájú àmì tí ìyá ń wò lára ọmọ. Mo yí i padà, mo kàn sọ ohun tí ojú rí, lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí ẹsẹ̀ máa ṣe:

Kò lè mu nǹkan.
Kò jí dáadáa.
Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀.
Ẹ rí ọ̀kan? Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ẹ gbọ́ ìlà ìkẹyìn yẹn. Ìbéèrè láìsí "ṣé" tún ti yọ́ wọlé, àní sí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó máa di: "Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá." Gẹ̀ẹ́sì náà wá tẹ̀ lé ètò tuntun yìí: "Can't drink. Hard to wake. Blood in stool. Any one of these: hospital now." Yorùbá ló tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe níbí, mo sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti ìwọ̀n, sláìdì tí mo ń lò jẹ́ 1080 × 1350 píksẹ́ẹ̀lì. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì papọ̀ kì í ju ọ̀rọ̀ bí ogójì lọ lórí ọ̀kan. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, mo ń pín in sí méjì, n kì í sọ lẹ́tà di kékeré. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà ju ti Gẹ̀ẹ́sì lásán lọ, torí Yorùbá ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan sì lè kọlu ti òkè ìlà kejì. Ẹ gé ìlà níbi tí èémí ti gé: ẹ má ṣe fi "ṣíbí" sí ìparí ìlà kan kí "6" wà ní ìbẹ̀rẹ̀ èkejì.

Kí ẹ tó yan fọ́ńtì, ẹ tẹ èyí sí i ní ìwọ̀n ńlá:

```
Ẹ̀ ẹ́ Ọ̀ ọ́ Ṣ ṣ ń ǹ
```

Nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ "ẹ́". Àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń gbé lé "ẹ" lórí. Fọ́ńtì tí wọn kò ṣe fún un á jẹ́ kí àmì náà sá sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó yọ lẹ́tà láti inú fọ́ńtì mìíràn, tí "ẹ" kan á wá sanra ju èkejì lọ. Noto Sans máa ń gbé e dáadáa. Ẹ fi PNG gbé iṣẹ́ náà jáde, kí ẹ sì wò ó lórí fóònù, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bo Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀, ẹ fún ẹnì kan tó ń ka Yorùbá dáadáa, tí kò rí iṣẹ́ náà rí, kó kà á sókè. Ẹ má ṣe bi í bóyá ó dára, torí á ní ó dára. Ẹ ní kó sọ ohun tó máa ṣe bí ọmọ tirẹ̀ bá ń yàgbẹ́ gbuuru lálẹ́ yìí, àti ìwọ̀n iyọ̀ tó máa bù. Ẹ sàmì síbi tó ti dúró tàbí tó padà lọ kà lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ lẹ máa tún kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bo Yorùbá, kí ẹlòmíràn ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan náà. Bí ìwọ̀n iyọ̀ tí àwọn méjèèjì sọ kò bá jọra, ẹ má tíì gbé e sójú ayé.