74 nínú Yorùbá, 62 nínú ìṣirò: èwo ló ga jù?

Ẹ̀yin olùkọ́ Iléṣà, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ SS2 kan gba 74 nínú Yorùbá, ó sì gba 62 nínú ìṣirò. Nínú èwo ló ti ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ jù?

Púpọ̀ nínú wa á ní Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà lè máà dọ́gba pẹ̀lú ti ọjà abúlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi iye kóńgò méjèèjì wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Bí máàkì náà ṣe rí nìyẹn. Ohun méjì ló ń sọ bó ṣe tóbi tó: ìpíndọ́gba kíláàsì, tí a ń kọ ní μ, àti ìwọ̀n ìfọ́nká, tí a ń kọ ní σ, èyí tó ń sọ bí máàkì àwọn ọmọ ṣe sábà ń jìnnà sí ìpíndọ́gba.

```
z = (x − μ) / σ
```

x ni máàkì ọmọ náà, z sì ń sọ iye ìfọ́nká tí máàkì náà fi ju ìpíndọ́gba lọ tàbí tó fi dín sí i. Ká ní ọmọ igba (200) ló ṣe ìdánwò méjèèjì. Ìpíndọ́gba Yorùbá jẹ́ 68, ìfọ́nká rẹ̀ 12. Ẹ yọ 68 kúrò nínú 74, ó ku 6. Ẹ fi 12 pín in, z jẹ́ 0.50. Ìpíndọ́gba ìṣirò jẹ́ 50, ìfọ́nká rẹ̀ 8. Ẹ yọ 50 kúrò nínú 62, ó ku 12. Ẹ fi 8 pín in, z jẹ́ 1.50. Ìṣirò ló ga jù, kò sì sún mọ́ra rárá.

Ẹ wá ṣí àtẹ nọ́mà, èyí tó ń yí z sí ìdá. Ní ọwọ́ òsì, ẹ wá 1.5, lókè, ẹ wá 0.00, torí pé òdo ni nọ́ńbà kejì lẹ́yìn àmì. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni 0.9332. Ti 0.50 jẹ́ 0.6915. Ohun tí wọ́n ń sọ ni ìdá àwọn tí máàkì wọn kéré sí ti ọmọ yìí. Ní ìṣirò, 0.0668 ló ṣẹ́ kù lókè rẹ̀, bí ọmọ mẹ́tàlá nínú igba. Ní Yorùbá, bí ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló wà níwájú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà kì í ṣe ìyọkúrò àti pípín. Àtẹ ni. Ìwé kan á kọ 0.9332 sí 1.50, òmíràn á kọ 0.4332, òmíràn sì tún kọ 0.0668, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Èkíní ń ka gbogbo ohun tó wà lápá òsì z, èkejì ń ka láti àárín dé z, ẹ̀kẹta ń ka ìrù ọ̀tún, ìyẹn ohun tó wà lápá ọ̀tún z. Kí ẹ tó lo àtẹ kankan, ẹ wo ohun tó kọ sí z = 0.00. Bó bá jẹ́ 0.0000, láti àárín ló ti ń kà. Bó bá jẹ́ 0.5000, ẹ wo ìsàlẹ̀: bí nọ́ńbà bá ń pọ̀ sí i, apá òsì ni, bó bá ń dín kù, ìrù ni.

Ọ̀pọ̀ àtẹ kò sì ní z tó wà nísàlẹ̀ òdo. Bí ọmọ wa bá gba 41 nínú físíìsì, tí ìpíndọ́gba jẹ́ 51, tí ìfọ́nká jẹ́ 8, z rẹ̀ jẹ́ −1.25. Ẹ wo 1.25 lórí àtẹ apá òsì, ẹ ó rí 0.8944, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.1056. Ẹni tó bá kọ 0.8944 sílẹ̀ ti ní ọmọ tó wà lábẹ́ ìpíndọ́gba ta ìdá tó pọ̀ jù lọ nínú kíláàsì yọ. Ìyẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀.

Àtẹ yìí tún gbà pé máàkì tò bí agogo: púpọ̀ láàárín, díẹ̀ ní ìkángun méjèèjì. Ká ní ìdánwò kan rọrùn jù, ìpíndọ́gba 78, ìfọ́nká 16. Z ti 100 jẹ́ 1.375, ẹ pè é ní 1.38, àtẹ á fún yín ní 0.9162. Ó ku 0.0838. Nínú ọmọ igba, ó ń sọ pé bí mẹ́tàdínlógún gba ju ọgọ́rùn-ún lọ! Bí ẹ bá ti rí irú èyí, ẹ ti àtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ka iye ọmọ tó wà nísàlẹ̀ máàkì náà ní tààràtà. Yíyí máàkì sí z ò tún bó ṣe tò ṣe. Bó bá wọ́ jọ sápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Ẹ tún padà sí físíìsì yẹn. Àwọn tó yan sáyẹ́ǹsì nìkan ló ń ṣe é, nígbà tí gbogbo kíláàsì ń ṣe ìṣirò. Nítorí náà, −1.25 ọmọ wa jẹ́ láàárín àwọn tí a ti ṣà. Ẹ má fi kún 1.50 ìṣirò rẹ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan náà ló bí wọn.